Ọ̀rọ̀ 250, Ọmọ 400: Bí Mo Ṣe Gé Àṣamọ̀ Iṣẹ́ Wa Kù

Alẹ́ ọjọ́ Tọ́sìdeè kan ni, nílé wa ní Adó-Èkìtì, àwọn ọmọ ti sùn, èmi náà sì ti ń rò ó pé iṣẹ́ ti parí. Ó lé lọ́dún kan tí a fi ń wọn àwọn ọmọdé lórí ìwádìí kan nípa oúnjẹ wọn àti bí wọ́n ṣe ń ga sí, a ti kọ pépà ẹ̀ tán, tábìlì ti dúró dáadáa, ó wá ku kí n gbé e sórí pọ́tà jọ́nà tí a fẹ́ fi ránṣẹ́ sí. Mo lẹ àṣamọ̀ náà, ohun tí gbogbo wa ń pè ní ábúsíráàtì, ìyẹn àkékúrú tó máa ń wà níwájú pépà, sínú àpótí tí wọ́n ní ká lẹ̀ ẹ́ sí, ni àmì pupa bá yọ nísàlẹ̀: ọ̀rọ̀ 418, gbèdéke wọn sì ni 250. Bọ́tìnì tí èèyàn fi ń kọjá sí ojú ewé tó kàn ò ṣeé tẹ̀. Ẹ̀rọ ni, kò sí ẹni tí mo lè bẹ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni mo fẹ́ sọ, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àwa tí a ń kọ nǹkan báyìí là ń ṣe é. Mo wá gbólóhùn tó gùn tí kò sì gbé àbájáde wa ga, mo yọ ọ́. Gbólóhùn yẹn ló sọ iye ọmọ tí a ò rí mọ́ kí ìwádìí tó parí. Mo yọ ibi tí a ti sọ pé a ò ka àwọn ọmọ tó ti kúrú jù tẹ́lẹ̀ mọ́ ọn. Mo yọ àlàfo 95% CI, èyí tó ń sọ láti ibo dé ibo ni fígọ̀ tòótọ́ lè wà, mo fi fígọ̀ kan tó ń jẹ́ p nìkan sílẹ̀ torí pé p kúrú. Ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀, níbi tí mo ti ń ṣàlàyé bí àìjẹunrekánú ṣe ń da àwọn ọmọdé láàmú ní ayé, ní Áfíríkà, ní Nàìjíríà, títí dé Èkìtì, n ò fọwọ́ kàn án, ó dùn ún kà. Mo fi èyí tí mo gé ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi lórí Wáásáàpù, mo sì lọ sùn.

Aago méje àárọ̀ ni fóònù dún. Ọ̀gá mi ni. Màmá yìí dàgbà tó ìyá mi, wọn kì í sì í pẹ́ lórí ìkíni.

"Mo ti ka nǹkan tó o fi ránṣẹ́. Àwọn ọmọ yòókù dà?"

"Àwọn ọmọ wo, Mà?"

"O ní ọmọ 400 lẹ mú. 320 lo sọ àbájáde wọn. Ibo ni 80 wà?"

Mo ní wọ́n wà nínú pépà, ní tábìlì kejì. Wọ́n ní, "Ta ló máa dé tábìlì kejì?"

Kí n tó máa lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí. Pépà wa ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, n ò lè gbé àbájáde ẹ̀ síbí. Torí náà gbogbo fígọ̀ ìwádìí tí ẹ bá rí nínú àròkọ yìí, fígọ̀ àpẹẹrẹ ni, èmi ni mo ṣe wọ́n lọ́nà tí ìṣirò ẹ̀ á fi rọrùn láti tẹ̀lé. Ọgbọ́n tó wà nínú ẹ̀ àti àṣìṣe tí mo ṣe ló jẹ́ òótọ́ bó ṣe rí gan-an. Èdè Òyìnbó sì ni a fi kọ àṣamọ̀ náà, iye ọ̀rọ̀ tí mo bá dárúkọ, ti Òyìnbó ni.

Ìbéèrè wa ò le. Tí ọmọ bá pé oṣù mẹ́sàn-án, irú oúnjẹ mélòó ló ń jẹ lóòjọ́? Ṣé ọmọ tí oúnjẹ ẹ̀ ò pé oríṣiríṣi máa ń kúrú ju ọjọ́ orí ẹ̀ lọ tó bá fi máa pé ọdún méjì? Oṣù mẹ́sàn-án la yàn torí pé ìgbà yẹn ni àwọn ìyá ń gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ ìgbóná-eèyi, èèyàn á rí wọn lójú kan. Ibẹ̀ la ti ń kí wọn, tí a ń bi wọ́n ní ohun tí ọmọ jẹ láti àná, tí a sì ń wọn ọmọ. Lẹ́yìn náà a ń tẹ̀lé ọmọ kan náà títí ó fi pé oṣù 24. Ohun tó ń jẹ́ kóhọ́ọ̀tì nìyẹn: o mú àwọn èèyàn kí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ sí wọn, o kọ ohun tí wọ́n ń jẹ tàbí ohun tí wọ́n ń ṣe sílẹ̀, o wá dúró dè wọ́n. Agbára ẹ̀ wà nínú dídúró yẹn. Àìlera ẹ̀ náà wà níbẹ̀, torí bó o ṣe ń dúró ni àwọn èèyàn ń lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé "oríṣiríṣi oúnjẹ" yẹn, nítorí ó jẹ ọ̀kan lára ohun tó gba ọ̀rọ̀ jù lọ́wọ́ mi. Àjọ WHO àti UNICEF pín oúnjẹ ọmọdé sí ìsọ̀rí mẹ́jọ: wàrà ìyá, ọkà pẹ̀lú iṣu, àwọn ohun tó ń ta gbòǹgbò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lápapọ̀, ẹ̀wà pẹ̀lú ẹ̀pà àti irú wọn, mílíìkì àti ohun tí wọ́n fi ń ṣe, ẹran àti ẹja, ẹyin, èso àti ẹ̀fọ́ tó ní fítámì A dáadáa, àti èso pẹ̀lú ẹ̀fọ́ yòókù. Ọmọ láti oṣù mẹ́fà sí oṣù 23 tó bá jẹ nínú márùn-ún ó kéré tán láàárín ọjọ́ kan, òun ni a ń sọ pé oúnjẹ ẹ̀ pé. Ẹ wá wo ọmọ kan ní Èkìtì tó mu ògì láàárọ̀, tó jẹ ẹ̀bà díẹ̀ lọ́sàn-án, tí wọ́n bu iyán rọ̀bọ̀tọ̀ fún lálẹ́, tó sì ń mu ọyàn. Lójú ìyá ẹ̀ ọmọ ti jẹ oúnjẹ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Lójú ìwé wa ìsọ̀rí méjì péré ló jẹ, torí ògì, ẹ̀bà àti iyán, ìsọ̀rí kan ṣoṣo ni gbogbo wọn. Ọbẹ̀ tó fi jẹ ẹ́ ló lè fi kún un, tí wọ́n bá fún un ní ẹ̀fọ́ àti ẹja inú ẹ̀, kì í ṣe kí wọ́n kàn fi omi ọbẹ̀ tọ́ iyán náà.

Gbogbo àlàyé tí mo ṣe tán yìí ni mo kó sínú àṣamọ̀ àkọ́kọ́, pẹ̀lú iyán àti ẹ̀bà ẹ̀, torí mo fẹ́ràn ẹ̀. Ọ̀rọ̀ 60 ó lé. Ní ìkẹyìn ó di "kò tó ìsọ̀rí márùn-ún nínú mẹ́jọ láàárín wákàtí 24 tó kọjá". Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ti mọ àwọn ìsọ̀rí mẹ́jọ yẹn, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á wá a nínú pépà. Ó dùn mí láti yọ iyán, ṣùgbọ́n yíyọ ẹ̀ ò ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà. Òṣùwọ̀n tí mo wá ń lò láti ọjọ́ yẹn nìyẹn: tí mo bá yọ gbólóhùn yìí, ṣé ohun tó máa wà lọ́kàn ẹni tó kà á máa yàtọ̀ sí òótọ́? Tí kò bá ní yàtọ̀, kó lọ. Tó bá máa yàtọ̀, ibòmíì ni kí n ti wá ọ̀rọ̀ tí mo máa gé.

Mo wá fi òṣùwọ̀n yẹn wo àwọn ohun tí mo ti yọ lálẹ́ ọjọ́ Tọ́sìdeè.

Èkíní, àwọn ọmọ 80. Ọmọ 400 ló wọlé. Nínú wọn, 258 ni oúnjẹ wọn ò pé, 142 ni tiwọn pé. Nígbà tí wọ́n máa fi pé oṣù 24, ọmọ 320 la rí wọ̀n: 200 láti ìhà tí oúnjẹ ò pé, 120 láti ìhà kejì. Nínú 200 yẹn, 70 ló kúrú jù, ìyẹn 35%. Nínú 120 yẹn, 24 ló kúrú jù, 20%. Tẹ́ ẹ bá pín 35 pẹ̀lú 20, ó di 1.75. Ó mọ́ lójú, ó dùn ún kọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tó lọ: 58 nínú 258, nǹkan bí 22 nínú ọgọ́rùn-ún, àti 22 nínú 142, nǹkan bí 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tí oúnjẹ wọn ò pé ló lọ jù. Èyí ò yà mí lẹ́nu rárá, èmi àti nọ́ọ̀sì tí a jọ ń jáde ló ń wá ilé wọn kiri. Abẹ́rẹ́ ìgbóná-eèyi kejì ní oṣù 15 máa ń dá àwọn ìyá padà wá, lẹ́yìn ìyẹn kò sí abẹ́rẹ́ mìíràn nínú ètò ọmọ kékeré tó ń mú wọn wá sí ilé ìwòsàn. Ẹni tó ń gbé ilé ara ẹ̀ ní Ìkéré, o máa bá a. Ẹni tó háyà yàrá kan tí ọkọ ẹ̀ ń bá wọn ro oko, tí iṣẹ́ oko bá tán, wọ́n ti kó lọ sí Oǹdó tàbí ibòmíì, nọ́ńbà fóònù tó fún wa ò lọ mọ́, aládùúgbò á ní àwọn náà ò mọ ibi tí wọ́n lọ.

Ọ̀gá mi wá ní kí n ṣe ìṣirò kan, ìṣirò yẹn ló yí mi lọ́kàn padà pátápátá. Wọ́n ní kí n gbà, fún àròjinlẹ̀ nìkan, pé gbogbo ọmọ 58 tó lọ láti ìhà tí oúnjẹ ò pé, kò sí èyí tó kúrú nínú wọn, pé gbogbo 22 tó lọ láti ìhà kejì ló kúrú. Ìhà tí oúnjẹ ò pé á wá di 70 nínú 258, tó jẹ́ 27%. Ìhà tó pé á di 46 nínú 142, tó jẹ́ 32%. Àbájáde ti dojú dé, oúnjẹ tó pé ló wá dà bíi pé ó ń mú ọmọ kúrú! Kò sẹ́ni tó gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí, àṣejù ni, tí a bá sì fẹ́ sọ òótọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn tó lọ láti ìhà tí oúnjẹ ò pé gan-an ni nǹkan le fún jù, tí ìyàtọ̀ tòótọ́ á fi ju èyí tí a rí lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ò sọ fún pé ọmọ 80 ò sí níbẹ̀ ò ní lè ronú kan èyí tàbí tọ̀hún. Á kàn gba 1.75 bó ṣe rí. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ fi pamọ́ yẹn ló sọ bí èèyàn ṣe lè gbẹ́kẹ̀ lé ìyókù tó.

Ìdí tí "ta ló máa dé tábìlì kejì" fi dùn mí nìyẹn. Púpọ̀ nínú jọ́nà, owó ni wọ́n fi ń kà á, àṣamọ̀ nìkan ni ọ̀fẹ́. Dókítà kan ní ilé ìwòsàn alábọ́dé, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń kọ ètò oúnjẹ ọmọdé, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kó iṣẹ́ àwọn ẹlòmíì jọ, àṣamọ̀ lọ̀pọ̀ wọn ń kà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń dúró sí. Lọ́dún 1987 tí àwọn dókítà kan dábàá pé kí àṣamọ̀ máa ní àkọlé kéékèèké, ohun tí wọ́n ń wá ni kí dókítà tó ń kà á lè tètè mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà ṣeé gbára lé, àti bóyá ó kan àwọn aláìsàn tirẹ̀. Àwọn àkọlé yẹn wà kí ohunkóhun má baà fara pamọ́.

Ìkejì, àwọn ọmọ tó ti kúrú tẹ́lẹ̀. Ọmọ 452 ni ìyá wọn gbà, 52 nínú wọn ti kúrú ju ọjọ́ orí wọn lọ ní oṣù mẹ́sàn-án tí a kọ́kọ́ wọ̀n wọ́n, a ò kà wọ́n mọ́ ọn, bí 400 ṣe ṣẹ́ kù nìyẹn. (A ò lé wọn lọ o, a fi ìwé rán wọn sí ẹ̀ka tó ń tọ́jú oúnjẹ ọmọ, ìyẹn náà ò ráyè wọ àṣamọ̀.) Kí ló dé tí èyí fi ṣe pàtàkì? Tí ọmọ bá ti kúrú ní oṣù mẹ́sàn-án, oúnjẹ tó jẹ lánàá kọ́ ló mú un kúrú. Ó lè jẹ́ láti inú oyún, ó lè jẹ́ ìgbẹ́ gbuuru tó ń pààrà ẹ̀. Tá a bá kà á mọ́ ọn, a ti fi ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú ṣe àbájáde ohun tó dé lẹ́yìn, iṣẹ́ wa ò sì ní yàtọ̀ sí ti ẹni tó wọn ọmọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó sì lọ. Mo yọ ọ́ torí mo rò pé gbólóhùn odidi kan ló ń gbà. Nígbà tí mo padà tò ó, ọ̀rọ̀ méjì ló gbà nínú èdè Òyìnbó, "tí kò tíì kúrú", mo fi há ẹ̀gbẹ́ iye ọmọ.

Ẹ̀kẹta, àlàfo yẹn. Mo ti kọ RR 1.75, p=0.007, mo sì rò pé ó tó. RR ni rísíkì réṣíò, ìyẹn ewu ìhà kan tí a fi ti ìhà kejì pín, bí a ṣe pín 35 pẹ̀lú 20 lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí p yẹn ń sọ ò ju pé ká ní kò sí ìyàtọ̀ kankan, irú ohun tí a rí yìí ì bá ṣọ̀wọ́n. Kò sọ bí ìyàtọ̀ náà ṣe tóbi tó, kò sì sọ bó ṣe dá wa lójú tó. 95% CI fún fígọ̀ yìí jẹ́ 1.17 sí 2.62. Ẹ wo bó ṣe fẹ̀ tó: ó lè jẹ́ pé ewu fi díẹ̀ lé, ó lè jẹ́ pé ó ju ìlọ́po méjì àtààbọ̀ lọ. Ẹni tó fẹ́ náwó sórí ètò oúnjẹ ọmọdé gbọ́dọ̀ rí ìfẹ̀ yẹn. Mo dá a padà, mo wá yọ p dípò ẹ̀, torí 1 ló túmọ̀ sí pé ewu ìhà méjèèjì dọ́gba, tí àlàfo náà ò bá sì kan 1, ẹni tó mọ̀ ọ́n kà ti mọ ohun tí p máa sọ.

Ibẹ̀ ni ọ̀gá mi tún ti rí èyí tí mo gbójú fò. Nínú ìparí ọ̀rọ̀ mo kọ ọ́ pé ewu kíkúrú "ju ìlọ́po méjì lọ" fún ọmọ tí oúnjẹ ẹ̀ ò pé. Níbo ni mo ti rí ìlọ́po méjì? Láti inú àbájáde kan tí kọ̀ǹpútà gbé jáde, tí orúkọ ẹ̀ ń jẹ́ ọ́ọ̀dù réṣíò. Ìyẹn ń fi àwọn tó kúrú wé àwọn tí kò kúrú: 70 sí 130 ní ìhà kan, 24 sí 96 ní ìhà kejì, tẹ́ ẹ bá pín wọn ó di 2.15. Kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ewu kọ́ nìyẹn. Tí nǹkan bá ṣọ̀wọ́n, fígọ̀ méjèèjì á súnmọ́ra. Tó bá wọ́pọ̀ bíi ti kíkúrú yìí, tó mú ọmọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 30 nínú ọgọ́rùn-ún, ọ́ọ̀dù réṣíò á wú ju ewu lọ. Àwa tí a ṣe kóhọ́ọ̀tì sì ní ewu gan-an lọ́wọ́, a mọ iye tó bẹ̀rẹ̀, a mọ iye tó ṣẹlẹ̀ sí, kí la wá ń fi ọ́ọ̀dù réṣíò ṣe? A tún ìṣirò náà ṣe lọ́nà tó máa fún wa ní rísíkì réṣíò, tó sì máa yọ ipa ìwé tí ìyá kà, ọrọ̀ ilé àti ìwọ̀n ọmọ nígbà ìbí kúrò. Nínú fígọ̀ àpẹẹrẹ wa, 1.75 wá bọ́ sí 1.48, àlàfo ẹ̀ sì jẹ́ 1.02 sí 2.15. Ìyẹn la gbé síwájú. Ó kéré sí èyí tí mo fẹ́, etí ìsàlẹ̀ ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan 1, ó sì yẹ kẹ́ni tó ń kà á rí i bẹ́ẹ̀.

Níbo wá ni ọ̀rọ̀ tí mo gé ti wá? Ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ ló pọ̀ jù. Ọ̀rọ̀ 120 ló jẹ́ tẹ́lẹ̀, ó di 33. Jọ́nà oúnjẹ ọmọdé la ń kọ̀wé sí, kò sẹ́ni tó máa dé ibẹ̀ tí kò mọ̀ pé àìjẹunrekánú burú. Gbólóhùn méjì tó: ohun tí àwọn tó ti ṣe irú ẹ̀ kò tíì sọ, àti ohun tí àwa fẹ́ mọ̀. Ọ̀nà tí a gbà ṣe é gba 80, àbájáde gba 95, ìparí gba 38, àkọlé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà gba mẹ́rin torí pọ́tà yẹn ń ka àkọlé mọ́ ọn. Àròpọ̀ ẹ̀, 250 géérégé. Kí n tó tún bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́ ni mo ti pín in báyìí, bí ẹni ń pín owó oúnjẹ oṣù, tí apá kan bá fẹ́ jẹ ju tiẹ̀ lọ, mo gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó máa fún un.

Láti inú ọ̀nà tí a gbà ṣe é, mo yọ orúkọ ètò kọ̀ǹpútà tí a lò àti nọ́ńbà ẹ̀. Mo yọ àlàyé bí a ṣe wọn ọmọ pẹ̀lú. Èyí tó kẹ́yìn yẹn pẹ́ mi lọ́wọ́, torí oṣù 24 gan-an ni ààlà: ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, ìdùbúlẹ̀ la ń wọ̀n ọ́n, tó bá ti pé, ìdúró ni, ìyàtọ̀ méjèèjì sì jẹ́ nǹkan bíi 0.7 sẹ̀ǹtímítà. Lórí ìwọ̀n WHO ti ọdún 2006, ọmọkùnrin oṣù 24 tí a wọ̀n ní ìdùbúlẹ̀, 81.7 sẹ̀ǹtímítà ni ààlà tí a fi ń mọ ẹni tó kúrú jù, ní ìdúró ó jẹ́ 81.0. Tí òṣìṣẹ́ kan bá ń dá ọmọ dùbúlẹ̀ tí èkejì ń nà án ró, tẹ́nikẹ́ni ò sì tún un ṣe, ọmọ máa ń bọ́ sí ìhà tí kì í ṣe tiẹ̀. A bójú tó o, ìdùbúlẹ̀ la fi wọn gbogbo wọn, a sì yọ 0.7 níbi tó yẹ, nínú pépà sì ni àlàyé ẹ̀ wà. Nínú àṣamọ̀, "gígùn sí ọjọ́ orí tó wà nísàlẹ̀ -2 SD lórí ìwọ̀n WHO" ti tó, ààlà kíkúrú yẹn náà ni -2 SD. Àmọ́ mo fi kóhọ́ọ̀tì sílẹ̀ nínú àkọlé pépà àti nínú àṣamọ̀ pẹ̀lú, torí ohun àkọ́kọ́ gan-an tí STROBE, ìlànà ọdún 2007 fún kíkọ irú ìwádìí báyìí, bèèrè nìyẹn: kí èèyàn dárúkọ irú iṣẹ́ tó ṣe. Mo fi oṣù tí a bẹ̀rẹ̀ àti oṣù tí a parí sílẹ̀. Kóhọ́ọ̀tì tí kò sọ àkókò tó fi tẹ̀lé èèyàn ò tíì sọ nǹkan kan.

Àwọn ọgbọ́n kéékèèké kan wà tó ṣèrànwọ́, mi ò gbé wọn gẹ̀gẹ̀. Ẹ̀rọ ń fi àyè òfìfo tó wà láàárín ọ̀rọ̀ ka iye ọ̀rọ̀, nítorí náà `(n = 400)` jẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta, `(n=400)` sì jẹ́ ẹyọ kan. Ó dáa, tí jọ́nà bá ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìgékúrú orúkọ kì í fi gbogbo ìgbà dín ọ̀rọ̀ kù, torí o máa kọ́kọ́ kọ orúkọ náà tán kó o tó kọ ìgékúrú ẹ̀, tí o bá máa lò ó lẹ́ẹ̀kan péré lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ tó o fi ṣòfò lè ju èyí tó o rí lọ. Lílẹ ọ̀rọ̀ mọ́ra kí ẹ̀rọ má baà kà á, n ò ṣe é, àtúnkọ ni wọ́n máa dá a padà fún.

Ìparí ọ̀rọ̀ ló gba ìjà tó kù láàárín èmi àti ọ̀gá mi. Mo ti kọ ọ́ pé oúnjẹ tí kò pé "ń fa" kíkúrú, mo sì ní kí ìjọba máa pín ẹyin fún àwọn ọmọdé. Wọ́n bi mí pé, "Ṣé ẹyin lo wọ̀n?" Mo ní rárá, Mà. "Ṣé o pín ẹyin fún ìdajì wọn, o ò sì pín fún ìdajì yòókù?" Mo ní rárá. Ṣùgbọ́n mo jiyàn, mo sọ pé tí a ò bá sọ ohun tí ìjọba lè ṣe, ta ló máa sọ ọ́? Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Sọ ọ́ lórí rédíò, sọ ọ́ fún wọn ní ìpàdé, èmi náà á bá ọ sọ ọ́. Níbí, ohun tó o rí ni kó o kọ." Ó wá di pé àìpé oúnjẹ ní oṣù mẹ́sàn-án ń bá kíkúrú ní ọdún méjì rìn, lẹ́yìn tí a ti yọ ipa ìwé ìyá, ọrọ̀ ilé àti ìwọ̀n ìbí, àti pé ọmọ kan nínú márùn-ún tí a ò rí mọ́ lè ti yí bí ìyàtọ̀ náà ṣe tóbi tó padà.

Èyí ni apá àbájáde náà bó ṣe rí níkẹyìn, mo tú u sí Yorùbá:

"Nínú ọmọ 400 tí kò tíì kúrú, oúnjẹ 258 ò pé. A wọn 320 (80%) ní oṣù 24. 58 nínú 258 àti 22 nínú 142 ni a ò wọ̀n, mẹ́rin nínú wọn kú. Kíkúrú ṣẹlẹ̀ sí 70 nínú 200 (35%) tí oúnjẹ wọn ò pé àti 24 nínú 120 (20%) tí tiwọn pé (RR 1.75, 95% CI 1.17–2.62; lẹ́yìn àtúnṣe 1.48, 1.02–2.15)."

Ẹ máa rí mẹ́rin tó kú yẹn. Nínú iṣẹ́ wa gan-an náà, àwọn ọmọ kan kú, iye wọn kọ́ ni mo kọ síbí. Nígbà tí mo dé ọ̀rọ̀ 253, tó ku mẹ́ta, ibẹ̀ ni ojú mi lọ, torí mẹ́ta gééré ni gbólóhùn náà gbà ní Òyìnbó. Ọmọ tó kó lọ sí Oǹdó àti ọmọ tó kú, àwọn méjèèjì la ò rí wọ̀n, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣì lè máa dàgbà níbì kan, èkejì ò lè kúrú, kò lè ga mọ́, tá a bá sì kó wọn pọ̀ sábẹ́ "a ò rí wọn", a ti kọ ikú sílẹ̀ bí ìrìn àjò. Mo rántí nọ́ọ̀sì wa lọ́jọ́ tí a dé ilé kan ní ọ̀nà Ìjerò, tí ìyá jáde sí wa tí kò gbé ọmọ dání, tí nọ́ọ̀sì sì ká téèpù ìwọ̀n padà sínú báàgì kó tó kí i, kó má baà rí i.

Mo padà sí ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta wà níbẹ̀ tó sọ pé ìṣòro náà kárí ayé. Mo yọ wọ́n. Àmì pupa lọ, bọ́tìnì sì ṣeé tẹ̀.